Orúkọ wo la lè kọ sára pátákó kílíníìkì tí kò ní já aláìsàn láyà?

Dókítà Tuntun
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ṣí kílíníìkì kékeré kan. Dókítà ni mí, nọ́ọ̀sì ni òun. Àtọmọdé àtàgbà la fẹ́ máa tọ́jú: ara gbígbóná, ẹ̀jẹ̀ ríru, àyẹ̀wò aboyún, ọgbẹ́ wẹ́wẹ́. A ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá. Gbogbo nǹkan ti ń tò, orúkọ ló kù, orúkọ yìí ló sì ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Ohun tí a ń wá ni orúkọ tí ẹni tí ara ń ro máa kà, tí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé. Mẹ́ta ló kù lórí ìwé wa:

Ọwọ́ Ìtura (tèmi nìyẹn)
Ẹ̀mí Gígùn (ti ìyàwó mi)
Ilé Ìwòsàn Àbójútó Ìlera Ara àti Ọkàn (ti ìyá ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín)

Pátákó tí a máa gbé síta fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Etí títì ló máa wà, ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀ dáadáa. Èwo ni ká mú?

Mo Ti Gbọ́
Ẹ kun yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ní àwọ̀ ewé tútù, kẹ́ ẹ sì gbé àga tó rọ̀ síbẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó dáadáa, ẹ̀rù ò ní bà á mọ́.

Dókítà Tuntun
Ẹ ṣé gan-an. Àga wà lórí ìwé ohun tí a fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ orúkọ la bá wá síbí.

Akọ́mọlédè
Dókítà, kí ẹ tó yan ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àmì kankan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn á ṣe máa kọ ọ́ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí nínú àdírẹ́sì ìmeèlì yín.

Ọwọ́ Ìtura á di Owo Itura. Ẹni tí kò mọ̀ yín á wò ó, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn ni owó. Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ tí ń tuni lára pe ara yín, pátákó ń sọ fún aláìsàn pé owó ni ìtura. Ẹni tó ti ń rò ó lọ́nà pé èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ òun, ṣé ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ á balẹ̀?

Ti ìyàwó yín tún le jùyẹn lọ. Ẹ̀mí Gígùn láìsí àmì ni Emi Gigun. Ẹ̀mí ti di èmi. Gígùn lè di gígún, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì ni gígún. Ọmọ ọdún méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà máa dúró níwájú ilé yín, á kà á síta pé "Èmi, gígún," á sì fẹsẹ̀ fẹ.

Ẹlẹ́rìn-ín
Mo ti rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Èmi, gígún! Ẹ má pa mí o.

Dókítà Tuntun
Mo ka èyí sétí ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká kọ àmì sí i dáadáa, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀gá Pátákó
Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ pátákó ni mò ń ṣe, àmì yìí gan-an ló sì máa ń fún wa níṣẹ́ jù.

Àkọ́kọ́, lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ẹ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní kóòdù tirẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi àmì ohùn lé e lórí, bíi ti ẹ́, kò sí kóòdù ẹyọ kan fún un. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń mú àmì náà lọ́tọ̀ tó ń gbé e lé lẹ́tà lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé àpótí òfìfo síbẹ̀. Ẹ má ṣe buwọ́ lu iṣẹ́ lórí fóònù kékeré. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ tó gbà á.

Ìkejì, tó bá jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n gé jáde ní ẹyọ ẹyọ lẹ fẹ́, èyí tó máa ń yọ síta lára ògiri, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn á jẹ́ ègé kékeré tó dá dúró. Lẹ́tà ńlá ní ibi púpọ̀ tó fi lẹ̀ mọ́ ògiri. Àmì kékeré yẹn kò ní. Òun ló máa kọ́kọ́ já bọ́. Ọjọ́ tó bá já bọ́, Ọwọ́ ti di Owo nìyẹn, yálà ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi ìlà kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà rọ́pò àmì tó dá dúró, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe máa ń ṣe é, kí òun àti lẹ́tà lè jẹ́ ègé kan ṣoṣo. Ìyẹn kì í já.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣírò orúkọ yín kẹ́ ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ.

Ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 244. Mo máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, torí lẹ́tà tó bá kan etí pátákó kì í ṣeé kà dáadáa. Ó ku 195. Ìbú lẹ́tà kan pẹ̀lú àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń tó ìdá méje nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀. Tí ẹ bá ti ka iye lẹ́tà àti àlàfo inú orúkọ, ẹ ó mọ bí lẹ́tà ṣe lè ga tó.

Ti ìyá ìyàwó yín jẹ́ 37 tí a bá kọ ọ́ sórí ìlà kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á ga ní sẹ̀ǹtímítà 7 àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwa oníṣẹ́ pátákó ń lò ni pé lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ máa ń rọrùn kà láti mítà 3. Nítorí náà mítà 9 ni wọ́n ti máa rí ti màmá kà láìfojú wọ́n. Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan ń jẹ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí awakọ̀ tó ka "Ilé Ìwòsàn" tán, ó ti kọjá.

Tí ẹ bá pín in sí ìlà méjì, lẹ́tà á ga ju ìlọ́po méjì lọ, wọ́n á máa kà á láti bíi mítà 18. Ó sàn. Àmọ́ àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ lè máa forí gbárí, àfi kẹ́ ẹ fàlàfo sáàárín wọn.

Ọwọ́ Ìtura jẹ́ 9 péré. Lẹ́tà á ga tó 31, wọ́n á máa kà á láti mítà 37. Awakọ̀ ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ láti rí i, kó sì tẹ bíréèkì. Ní ti pátákó nìkan, orúkọ yín dára. Ohun tí Akọ́mọlédè sọ ni ìṣòro rẹ̀.

Ìmọ̀ràn Ọ̀fẹ́
Ọ̀gá ti fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ẹ fi àwọ̀ pupa kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì ya àgbélébùú pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá á mọ̀ pé ilé ìtọ́jú ni.

Ọ̀gá Pátákó
Lẹ́tà ńlá: ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Fún ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tàbí méjì, mo gbà, ó máa ń hàn láti òkèèrè. Fún gbólóhùn gígùn, ńṣe ló máa dà bí ọgbà onípákó, gbogbo ọ̀rọ̀ á ga bákan náà. Tí ó bá sì jẹ́ Yorùbá, gbogbo lẹ́tà ńlá tó gba àmì ohùn ló ń fẹ́ àyè lókè. Lórí lẹ́tà tó ga ní 31, mo máa ń fi bíi 8 sílẹ̀ lókè àti 6 nísàlẹ̀. Ìlà kan ti jẹ 45 nínú 122 nìyẹn.

Àgbélébùú pupa: ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Mo ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mi ò mọ̀, wọ́n sì ní ká pa á rẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Òótọ́ ni Ọ̀gá ń sọ. Àmì yẹn kì í ṣe ti gbogbo ilé ìwòsàn bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àdéhùn Jẹ̀nẹ́fà ti 1949 dáàbò bò ó fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn àti ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, àti fún ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa fúnra rẹ̀. Kílíníìkì aládàáni kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé e sórí pátákó, ìbáà jẹ́ lásìkò àlàáfíà. Tí ẹ bá fẹ́ àgbélébùú dandan, ẹ ya ti àwọ̀ ewé.

Àwọ̀ pupa tí wọ́n fi kọ gbogbo orúkọ, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń rán èmi létí. Ṣùgbọ́n mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, bóyá èmi nìkan ni.

Ìyá Onísùúrù
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà. Mo wá ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n júwe fún mi kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé àwọn àgàn làwọn ń tọ́jú. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn o, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n mo gba iwájú ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè wọlé, torí ẹnikẹ́ni tó bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà ti ka àìsàn mi tán kí n tó dọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn sí i. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ilé tí èèyàn lè wọ̀ láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ìmọ̀ràn Ọ̀fẹ́
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá kọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú, báwo lẹ̀yin ì bá ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ lọ?

Ìyá Onísùúrù
Dókítà mi ló kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ síbẹ̀. Kì í ṣe pátákó.

Dókítà Tuntun
Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí. Tiwa kò dá lórí àìsàn kan, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n màmá ìyàwó mi fi "Ọkàn" sí i torí ó fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé a máa gbọ́ tẹnu wọn. Ṣé ìyẹn náà kò ní ṣi àwọn kan lọ́nà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ó máa ṣì wọ́n lọ́nà dáadáa. Àwọn kan á rò pé àrùn ọkàn lẹ ń tọ́jú, ẹni tí àyà ń dùn á wá bá yín nígbà tó yẹ kó wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á rò pé àìsàn ọpọlọ ni. Bákan náà ni "Ilé Ìwòsàn" fúnra rẹ̀: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé àṣẹ kílíníìkì yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn tó ń dá aláìsàn dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa fún yín níwèé àṣẹ kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà, kó má di pé ẹ ń tún un kùn.

Ohun kan tún wà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kílíníìkì mìíràn wà ládùúgbò náà tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ tiwa, lẹ́tà méjì ló yà wọ́n. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wa kan lọ síbẹ̀, ó lo ọjọ́ mẹ́rin. Obìnrin náà ń pe fóònù wa láràárọ̀, a ń sọ fún un pé kò tíì dé. Láti ìgbà yẹn, tí ẹnì kan bá bi mí nípa orúkọ, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹ fi fóònù dán an wò. Ẹ pe èèyàn mẹ́wàá, ẹ sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí wọ́n kọ han àwọn mìíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kà á sókè.

Kàwékàwé
Ìwádìí wà tó ti ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Ní 2009, Song àti Schwarz fún àwọn èèyàn ní orúkọ èròjà oúnjẹ tí wọ́n hùmọ̀ lásán. Èyí tó ṣòro láti pè làwọn èèyàn gbà pé ó léwu jù, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ nǹkan kan nípa èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó bá dí ẹnu lọ́nà, ó ń bani lẹ́rù díẹ̀.

Ìró pàápàá ń ṣiṣẹ́. Köhler fi àwòrán méjì han àwọn èèyàn ní 1929, ọ̀kan rí roboto, èkejì ní ìgun ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ó ní kí wọ́n pín orúkọ "takete" àti "baluba" fún wọn. Ọ̀pọ̀ ló fún èyí tó rí roboto ní baluba. Nítorí náà, Dókítà, ẹ sá fún t àti k. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ní l, m, n. Ìtura ní t nínú.

Akọ́mọlédè
Ẹ̀gbọ́n Kàwékàwé, orúkọ tí kò nítumọ̀ ni àwọn yẹn fi ṣe tiwọn. Tiwa nítumọ̀. Àìlera kún fún l àti r, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí òróró, àmọ́ ta ló fẹ́ wọ ilé tí wọ́n kọ Àìlera sí? Ìtura ní t, kò sì sí Yorùbá kan tó máa gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ máa le. Tí ìtumọ̀ bá ti sọ̀rọ̀, ìró á dákẹ́.

Kàwékàwé
Ó yé mi. Mo ṣì fara mọ́ pé kó rọrùn láti pè.

Akọ́mọlédè
Ìyẹn, àwa méjèèjì jọ gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín
Ẹ sọ ọ́ ní Ìsinmi. Ó kúrú, kò ní àmì ìsàlẹ̀, ó sì dùn létí.

Ìyá Onísùúrù
Hàà, ọmọ mi! Ẹni tó kú la máa ń sọ pé ó ti lọ sinmi. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìsinmi lóru?

Ẹlẹ́rìn-ín
Ẹ má bínú, Mà. Mo ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àtàtà
Kí ló dé tí ẹ ò lo orúkọ ìdílé yín, Dókítà? Àwọn èèyàn máa ń fọkàn tán ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró.

Dókítà Tuntun
A rò ó. Orúkọ wa jẹ́ lẹ́tà 14, ó sì ní ṣ méjì nínú. Yàtọ̀ síyẹn, tí mo bá fẹ̀yìn tì tàbí tí a bá tà á, ẹni tó rà á á máa fi orúkọ mi tọ́jú èèyàn. Ìyàwó mi sì ní orúkọ ta ni, tèmi àbí tiwa?

Àtàtà
Tiyín nìkan kọ́, tirẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ṣe é tó sì pé wọn. Èmi ò tíì gbà pé kò dára.

Dókítà Tuntun (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta)
A ti ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì Alẹ́ sọ. Mo fi Ọwọ́ Ìtura pe èèyàn mẹ́wàá. Gbogbo wọn gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú wọn kọ "Owo Itura" ránṣẹ́. Mo fi han mẹ́fà mìíràn, mẹ́rin kà á sí owó. Ọ̀kan bi mí bóyá ilé ayánilówó ni. Mo ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀, ó dùn mí o.

A wá dán orúkọ méjì wò tí kò ní àmì ìsàlẹ̀ rárá: Ìtura nìkan, àti Ara Líle. "Ṣé ara le?" la fi ń kí ara wa lójoojúmọ́, ó dà bíi pé pátákó ń dáhùn. Èèyàn mẹ́sàn-án kọ Ara Lile bó ṣe yẹ, gbogbo àwọn tí mo fi han ló sì kà á re. Ìtura, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbà á. Àmọ́ nígbà tí a wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀, ẹlòmíràn ti gbà á.

Ọ̀gá Pátákó
Ara Líle jẹ́ 8 pẹ̀lú àlàfo. Àyè wà kí lẹ́tà ga tó 34, ẹ ó máa kà á láti bíi mítà 40. Ẹ má gbé e dé òpin. Ẹ jẹ́ kó wà ní 30, kẹ́ ẹ kọ "Kílíníìkì" sábẹ́ rẹ̀ ní ìdajì rẹ̀, 15, kí ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ yín rí lè mọ irú ilé tó jẹ́. Nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má kọ àkójọ àìsàn síbẹ̀. Ẹ fi aró dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó ṣú kọ ọ́ sórí funfun. Ewé tó mọ́lẹ̀ lórí funfun ń pòórá tí oòrùn bá ràn án.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sórí bébà ńlá ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí pátákó máa wà, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án àti lálẹ́. Apá wo ni ọkọ̀ ti ń wá jù? Tí igi kan bá wà níbẹ̀, mítà 40 kò ní wúlò fún yín.

Àtàtà
"Ara líle" kò ha lè túmọ̀ sí ara tó gan? Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á rò pé egungun nìkan lẹ ń tọ́jú.

Akọ́mọlédè
Mo ti ń ronú lé e lórí láti àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀ lè kà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ á gbọ́ ìkíni nínú rẹ̀. Ẹ bi àwọn tí ara wọn kò yá, àwa tí ara wa le kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi.

Dókítà Tuntun
Igi wà lápá òsì. Mo máa lọ wò ó lọ́la.

Ìyàwó Dókítà
Èmi ni ìyàwó ọ̀hún. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ kú làálàá. Mo gbà pé Emi Gigun kò ṣeé gbé síta, ẹ yé pè mí ní gígún mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ sí Ara Líle. Bébà ńlá yẹn máa wà lára ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan, màá sì jókòó sábẹ́ igi tí ọkọ mi sọ, màá máa gbọ́ ohun tí àwọn tó ń kọjá bá kà.